Ṣé A Lè Gbẹ́kẹ̀ Lé Ìdánwò-t? Bí A Ṣe Ń Ka Gíráàfù Kúántáìlì

Ìfáárà

Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń ṣe ìwádìí lórí ìró èdè Yorùbá ló ya àwòrán ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀, tó sì fi í ránṣẹ́ sí wa lórí fóònù. Àmì róbótó mẹ́wàá ló wà nínú àwòrán náà, pẹ̀lú ìlà títọ́ kan tó gbéra láti ìsàlẹ̀ lápá òsì lọ sí òkè lápá ọ̀tún. Àwọn àmì mẹ́sàn-án kò jìnnà sí ìlà yìí. Ìkẹwàá nìkan ló dá dúró lókè réré. Ọ̀rọ̀ tó kọ mọ́ ọn kò gùn: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Wọ́n ní òǹkà mi kì í ṣe nọ́máàlì, pé kí n yọ ẹnì kan kúrò kí n tó ṣe ìdánwò-t. Ṣé kí n yọ wọ́n?"

"Wọ́n" tó fẹ́ yọ yìí ni ìyá àgbà kan, ọ̀kan nínú àwọn ẹni mẹ́wàá tó gba ohùn wọn sílẹ̀. Ó wọn gígùn fáwẹ̀lì kan náà lẹ́nu ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ipò méjì, ó sì ṣírò ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì. Ìyàtọ̀ ti ìyá àgbà yìí pọ̀ ju ti gbogbo àwọn yòókù lọ. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ kì í ṣe ti ìṣirò nìkan, nítorí pé bí a bá yọ ẹni tí a ti gbọ́ ohùn rẹ̀ kúrò, a ti yí ohun tí ìwádìí náà sọ nípa èdè padà.

Dátà akẹ́kọ̀ọ́ yìí kì í ṣe tiwa láti tẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n àwòrán rẹ̀ jọ ti dátà kan tó ti wà ní gbangba láti ìgbà pípẹ́, tó sì wà nínú ètò ìṣirò tó ń jẹ́ R fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wò ó. Dátà yìí la ó fi ṣe àlàyé wa.

Oorun àwọn aláìsàn mẹ́wàá

Ní ọdún 1905, Cushny àti Peebles tẹ èsì ìwádìí kan jáde lórí àwọn oògùn tó ń mú ènìyàn sùn. Ní ọdún 1908, William Gosset, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ọtí Guinness ní ìlú Dọ́bílìn, mú òǹkà àwọn aláìsàn mẹ́wàá nínú ìwádìí náà, ó sì lò ó nínú àpilẹ̀kọ tó bí ìdánwò-t. Orúkọ ìnagijẹ, Student, ló fi tẹ iṣẹ́ náà jáde. (Ó ṣi orúkọ àwọn oògùn náà kọ, àṣìṣe tí àwọn mìíràn sì dà kọ lẹ́yìn rẹ̀. Nítorí náà, oògùn kìíní àti oògùn kejì la ó máa pè wọ́n níhìn-ín.)

Aláìsàn kọ̀ọ̀kan lo oògùn méjèèjì ní ìgbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. A wo iye wákàtí tí oògùn kọ̀ọ̀kan fi kún oorun rẹ̀, a sì yọ ti kìíní kúrò nínú ti kejì. Ìyàtọ̀ mẹ́wàá tí a rí nìyí, láti orí aláìsàn kìíní dé ìkẹwàá: 1.2, 2.4, 1.3, 1.3, 0.0, 1.0, 1.8, 0.8, 4.6 àti 1.4. Aláìsàn kẹsàn-án ni ìyá àgbà tiwa nínú ìtàn yìí. Oògùn kìíní kò fi nǹkan kan kún oorun rẹ̀, ṣùgbọ́n ìkejì fi wákàtí 4.6 kún un.

Ìdánwò-t ń béèrè bóyá ìpíndọ́gba àwọn ìyàtọ̀ yìí jìnnà sí òdo ju bí èèṣì lásán ṣe lè gbé e lọ. Ìpíndọ́gba náà jẹ́ wákàtí 1.58, ìtànkálẹ̀ àwọn òǹkà sì jẹ́ 1.23. A pín ìtànkálẹ̀ yìí pẹ̀lú gbòǹgbò onílọ́po-méjì iye àwọn ènìyàn, èyí tí í ṣe √10, a sì rí 0.389. Èyí ni ìwọ̀n bí ìpíndọ́gba fúnra rẹ̀ ṣe lè mì síwá sẹ́yìn. Bí a bá wá fi 0.389 pín 1.58, t jẹ́ 4.06, iye p sì jẹ́ 0.0028. Ìyẹn ni pé, bí oògùn méjèèjì bá dọ́gba, tí ìpínká àwọn ìyàtọ̀ náà sì jẹ́ nọ́máàlì, ìgbà tí èèṣì yóò gbé wa jìnnà tó báyìí kò tó mẹ́ta nínú ẹgbẹ̀rún.

Gbólóhùn "tí ìpínká náà sì jẹ́ nọ́máàlì" yìí ló ń dá àwọn ènìyàn lóró. Ìpínká nọ́máàlì ni èyí tí àwòrán rẹ̀ dà bí agogo tí a dojú rẹ̀ délẹ̀: òǹkà pọ̀ jù lọ ní àárín, wọ́n sì ń dín kù bákan náà ní apá méjèèjì.

Bí a ṣe ń ya gíráàfù náà

Òǹkà mẹ́wàá kéré jù láti ya agogo kankan. Ìdí nìyẹn tí a fi ń lo gíráàfù kúántáìlì, èyí tí kì í kó òǹkà jọ sínú àpótí, ṣùgbọ́n tó ń wo òǹkà kọ̀ọ̀kan ní ipò rẹ̀.

A kọ́kọ́ to àwọn òǹkà láti orí èyí tó kéré jù: 0.0, 0.8, 1.0, 1.2, 1.3, 1.3, 1.4, 1.8, 2.4, 4.6. Lẹ́yìn náà, a béèrè ìbéèrè kan: bí a bá mú òǹkà mẹ́wàá láti inú ìpínká nọ́máàlì pọ́ńbélé, tí ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ 0, tí ìtànkálẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 1, ibo ni a máa retí kí èyí tó kéré jù wà? Ìdáhùn ni nǹkan bíi -1.55. Èyí tó tẹ̀ lé e yóò wà ní -1.00, lẹ́yìn náà -0.66, -0.38 àti -0.12. Àwọn márùn-ún tó kù jẹ́ irú kan náà ní apá kejì òdo, títí dé 1.55. Ẹ kíyè sí i pé àwọn tó wà láàárín sún mọ́ ara wọn, àmọ́ àwọn tó wà ní ìpẹ̀kun jìnnà síra.

Nígbà náà ni a ó so wọ́n ní méjì-méjì: èyí tó kéré jù nínú dátà pẹ̀lú èyí tó kéré jù nínú ohun tí a retí, bẹ́ẹ̀ títí dé ìkẹwàá. Ohun tí a retí wà lórí ìlà ìbú, ohun tí a rí wà lórí ìlà òró. Bí dátà bá jẹ́ nọ́máàlì, àwọn àmì yóò tò sórí ìlà títọ́ kan. Gíga ìlà náà láàárín ni ìpíndọ́gba, bó sì ṣe dagun tó ni ìtànkálẹ̀. Nínú R, iṣẹ́ gbogbo rẹ̀ kò ju ìlà mẹ́ta lọ:

```
d <- sleep$extra[11:20] - sleep$extra[1:10]
qqnorm(d)
qqline(d)
```

Ìlà tí `qqline` ń fà kì í wo gbogbo àmì. Ibi tí ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn òǹkà parí sí àti ibi tí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin parí sí ló máa ń so pọ̀. Nínú dátà wa, 1.05 àti 1.70. Ìwà yìí dára, nítorí pé òǹkà tó yapa kò lè fa ìlà náà tọ ara rẹ̀ lọ kó sì fi ìyapa rẹ̀ pamọ́. Ṣùgbọ́n ó tún ń mú kí ìyapa àwọn ìpẹ̀kun hàn ketekete sí ojú, ó sì yẹ kí ẹni tó ń wò ó rántí èyí.

Ẹni tí a fi àwòrán ojú kọ̀ǹpútà ránṣẹ́ sí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ìlà méjèèjì. R máa ń kọ `Theoretical Quantiles` sí ìbú àti `Sample Quantiles` sí òró. Ètò SPSS a máa ṣe é ní òdì kejì: `Observed Value` ló wà ní ìbú, `Expected Normal` sì wà ní òró. Nítorí èyí, òǹkà tó tóbi jù, tó máa ń fò sókè ìlà nínú R, ìsàlẹ̀ ìlà lápá ọ̀tún ni yóò bọ́ sí nínú SPSS. Bí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ bá ti gé kúrò nínú àwòrán, ẹ má dá ẹnikẹ́ni lóhùn.

Ohun kejì tí a ní láti béèrè ni òǹkà tó wà nínú àwòrán gan-an. Nínú ọ̀ràn oníméjì-méjì bíi tiwa, àwọn ìyàtọ̀ mẹ́wàá ni ìdánwò-t ń lò, àwọn nìkan ló sì yẹ kí a yà. A ti rí ẹni tó da òǹkà ogún pọ̀ sínú gíráàfù kan, tó sì ń banú jẹ́ pé kò tọ́, bẹ́ẹ̀ ìdánwò tó fẹ́ ṣe kò tilẹ̀ bìkítà fún ìrísí àwọn ogún náà.

Kíka àmì mẹ́wàá

Ẹ jẹ́ kí a wá ka gíráàfù oorun náà láti òsì sí ọ̀tún. Àmì àkọ́kọ́ wà ní 0.0, bẹ́ẹ̀ ibi tí ìlà wà lókè ipò náà jẹ́ 0.63. Ó wà nísàlẹ̀ ìlà díẹ̀. Àwọn méje tó tẹ̀ lé e rọ̀ mọ́ ìlà, 1.3 méjì tó dọ́gba ṣe bí àkàsọ̀ kékeré kan, èyí tó ti inú wíwọn oorun pẹ̀lú ìdá mẹ́wàá wákàtí wá, kò sì sọ nǹkan kan fún wa nípa ìpínká. Ìkẹsàn-án jẹ́ 2.4 níbi tí ìlà wà ní 1.86. Ìkẹwàá jẹ́ 4.6, níbi tí ìlà wà ní 2.12. Ó fi wákàtí méjì ààbọ̀ ju ìlà lọ.

Ṣé ìyẹn pọ̀ jù? Ojú ènìyàn kò lè dáhùn ìbéèrè yìí bí kò bá tíì rí bí òǹkà mẹ́wàá tó jẹ́ nọ́máàlì lóòótọ́ ṣe máa ń rí. Ọ̀pọ̀ wa rò pé wọn yóò tò sórí ìlà bí ọmọ ogun. Wọn kì í tò bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà tí a fi lè la ojú wa ni kí a ní kí kọ̀ǹpútà ṣẹ̀dá òǹkà nọ́máàlì mẹ́wàá-mẹ́wàá, kó sì ya gíráàfù mẹ́sàn-án lẹ́ẹ̀kan náà:

```
par(mfrow = c(3, 3))
for (i in 1:9) {
  z <- rnorm(10)
  qqnorm(z); qqline(z)
}
```

Ẹni tó bá ṣe èyí ní ìgbà márùn-ún tàbí mẹ́fà yóò rí ohun tó máa yà á lẹ́nu. Àwọn ìpẹ̀kun máa ń ṣí kúrò lórí ìlà lemọ́lemọ́, àárín a máa wọ́, àwọn kan a tilẹ̀ dà bí ejò. Gbogbo wọn ni wọ́n sì jẹ́ nọ́máàlì, nítorí pé àwa fúnra wa la ṣẹ̀dá wọn. Òǹkà mẹ́wàá kéré, èèṣì sì ní àyè púpọ̀ nínú rẹ̀. Àmì 0.0 tó wà nísàlẹ̀ ìlà kò já mọ́ nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ irú àwọn àwòrán wọ̀nyí.

Àmì 4.6 ní tirẹ̀ ṣì dá yàtọ̀. Bí a bá fi gíráàfù oorun sáàárín àwọn mẹ́sàn-án náà láìkọ orúkọ sí i, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ yóò tètè nàka sí i ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Ìdánwò Shapiro-Wilk, tó ń fi òǹkà kan ṣoṣo dáhùn ìbéèrè kan náà, fún wa ní iye p tó jẹ́ nǹkan bíi 0.03. Nítorí náà, a gbà pẹ̀lú àwọn tó bá akẹ́kọ̀ọ́ wa sọ̀rọ̀ títí dé ibí yìí: ó ṣòro láti pe irú òǹkà bẹ́ẹ̀ ní nọ́máàlì. Ohun tí a kò gbà ni ìmọ̀ràn tí wọ́n fi tẹ̀ lé e.

Ohun tí ìdánwò-t ń béèrè gan-an

Ìbéèrè méjì ni àwọn ènìyàn ń sọ di ọ̀kan. Èkíní ni pé: ṣé òǹkà yìí jẹ́ nọ́máàlì? Èkejì ni pé: ṣé irọ́ ni ìdánwò-t yóò pa fún mi bí mo bá lò ó fún òǹkà yìí? Èkejì ló ṣe pàtàkì fún olùwádìí, ìdáhùn rẹ̀ sì lè jẹ́ "rárá" nígbà tí ìdáhùn èkíní náà jẹ́ "rárá".

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí òǹkà tó yapa ń ṣe sí t. Ẹni tó bá fẹ́ yọ 4.6 kúrò máa ń rò pé òun ló sọ t di ńlá, pé bí a bá yọ ọ́, ìyàtọ̀ oògùn méjèèjì yóò pòórá. Ẹ jẹ́ kí a yọ ọ́ wò. Ìpíndọ́gba àwọn mẹ́sàn-án tó kù jẹ́ 1.24, ó ti dín kù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìtànkálẹ̀ wá láti 1.23 sí 0.66, nǹkan bí ìdajì. Nítorí náà t gòkè láti 4.06 sí 5.66. Òǹkà tí wọ́n fura sí pé ó ń ti ìyàtọ̀ náà lẹ́yìn gan-an ló ń fà á sẹ́yìn.

Kí a lè rí i kedere, ká ní ẹni kẹsàn-án sun wákàtí 46 lé sí i dípò 4.6, ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀ sí ènìyàn ẹlẹ́ran ara ní alẹ́ kan. Ìpíndọ́gba yóò fò sókè sí 5.72, ṣùgbọ́n ìtànkálẹ̀ yóò di 14.17, t yóò sì jábọ́ sí 1.28. Oògùn kejì dára jù ti tẹ́lẹ̀ lọ lójú, bẹ́ẹ̀ ìdánwò náà kò rí nǹkan kan mọ́. Bí òǹkà kan ṣe ń lọ jìnnà sí i láìní òpin, bẹ́ẹ̀ ni t ń sún mọ́ 1, iyekíye ènìyàn tó wù kó wà nínú ìwádìí náà. Òǹkà kan ṣoṣo tó yapa kò lè dá ṣẹ̀dá t ńlá. Ohun tó lè ṣe ni pé kó bo ìyàtọ̀ tó wà ní tòótọ́ mọ́lẹ̀.

Ìdí rẹ̀ ni pé òǹkà náà wà lókè ìdá, ó sì tún wà nísàlẹ̀. Ó ń gbé ìpíndọ́gba sókè, ṣùgbọ́n ó ń gbé ìtànkálẹ̀ sókè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. A lè bi dátà yìí ní ìbéèrè náà láìdá sí ọ̀rọ̀ nọ́máàlì rárá. Bí oògùn méjèèjì bá dọ́gba pátápátá, kò sí ìdí tí ìyàtọ̀ aláìsàn kankan fi yẹ kó ní àmì àròpọ̀ ju àmì ìyọkúrò lọ. Bí ẹni ju owó ẹyọ sókè ni. Òǹkà kan jẹ́ òdo, kò sì sí àmì tí a lè fi sí i tó lè yí i padà. Àwọn mẹ́sàn-án tó kù lè gba àmì ní ọ̀nà 512. Nínú gbogbo ọ̀nà wọ̀nyí, méjì péré ló gbé ìpíndọ́gba jìnnà sí òdo tó báyìí: èyí tí gbogbo wọn jẹ́ àròpọ̀, tí í ṣe ohun tí a rí, àti èyí tí gbogbo wọn jẹ́ ìyọkúrò. Méjì nínú 512 jẹ́ 0.0039. Ìdánwò-t sọ 0.0028. Kò sí olùwádìí tí yóò yí ìpinnu rẹ̀ padà nítorí ìyàtọ̀ tó wà láàárín òǹkà méjèèjì yìí.

Ibi tí ìyapa náà ti ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ni bí ìyàtọ̀ oògùn náà ṣe tóbi tó. Pẹ̀lú gbogbo ẹni mẹ́wàá, àlàfo ìdánilójú ìdá 95 nínú 100 bẹ̀rẹ̀ láti wákàtí 0.70 dé 2.46. Bí a bá yọ ẹni kẹsàn-án, ó di 0.74 dé 1.75. Ẹsẹ̀ àlàfo náà kò kúrò níbi tó wà, orí rẹ̀ ló sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó kàn fẹ́ mọ̀ bóyá oògùn kejì dára ju ìkíní lọ lè fọkàn balẹ̀. Ẹni tó fẹ́ sọ pé "oògùn yìí ń fi wákàtí kan ààbọ̀ kún oorun" gbọ́dọ̀ fi kún un pé aláìsàn kan wà tó jàǹfààní rẹ̀ ju àwọn yòókù lọ fíìfíì, àti pé ìpíndọ́gba kò ṣe àpèjúwe ẹnikẹ́ni nínú wọn dáadáa.

Àwòrán tó yẹ kó dẹ́rù bà wá

A kò sọ pé gbogbo gíráàfù ló dára. Èyí tó yẹ kó dá wa dúró ni èyí tí àwọn àmì rẹ̀ kò ní ẹnì kan tó yapa, ṣùgbọ́n tí gbogbo wọn tẹ̀ kọdọrọ bí ọrun: nínú R, ìpẹ̀kun òsì wà lókè ìlà, àárín rì sísàlẹ̀, ìpẹ̀kun ọ̀tún tún gòkè. Èyí ni àmì ìpínká tó fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, tó ní ìrù gígùn lápá ọ̀tún. Ẹni tó bá ń wọn àkókò tí ènìyàn fi dáhùn ìbéèrè, tàbí gígùn ìdákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀, máa ń pàdé irú rẹ̀, nítorí pé àkókò kò lè kéré ju òdo lọ, ṣùgbọ́n ó lè gùn bó bá ṣe fẹ́.

Ìpalára rẹ̀ yàtọ̀ sí ti òǹkà kan tó yapa. Bí òǹkà tí a mú kò bá pọ̀, ó ṣeé ṣe kí a má bá ọ̀kan nínú àwọn òǹkà ìrù gígùn náà pàdé rárá. Nígbà náà, ìpíndọ́gba wa yóò kéré ju ti òtítọ́ lọ, ìtànkálẹ̀ wa náà yóò sì kéré pẹ̀lú rẹ̀. Àlàfo wa yóò kúrú, yóò sì jókòó sí ìsàlẹ̀ ibi tí òtítọ́ wà, pẹ̀lú ìdánilójú tí kò yẹ ẹ́. Àṣìṣe méjèèjì jọ ń rìn ni, ìdánwò-t kò sì ní ọ̀nà láti mọ̀.

Àwọn nǹkan kan wà tó ń dín ewu yìí kù. Nígbà tí a bá yọ òǹkà ènìyàn kan kúrò nínú òmíràn tirẹ̀, ìrù méjèèjì a máa pa ara wọn rẹ́ dé ìwọ̀n kan. Ìdí nìyẹn tí ìyàtọ̀ oníméjì-méjì fi máa ń tọ́ ju òǹkà tó bí i lọ. Bí a bá ń fi ẹgbẹ́ méjì tó pọ̀ dọ́gba, tí wọ́n sì fì sí ẹ̀gbẹ́ kan náà, wé ara wọn, irú ìparẹ́ bẹ́ẹ̀ náà a máa wáyé. Bí òǹkà bá sì pọ̀, ìpíndọ́gba fúnra rẹ̀ a máa sún mọ́ nọ́máàlì bí òǹkà kọ̀ọ̀kan kò tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí ewu ti le jù ni ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, tó kéré, tó tẹ̀ bí ọrun. Níbẹ̀, bí gbogbo òǹkà bá ju òdo lọ, ẹ mú lọgarídímù wọn kí ẹ tó ya gíráàfù náà lẹ́ẹ̀kejì. Bí ọrun náà bá tọ́, orí lọgarídímù ni kí ẹ ti ṣe ìdánwò-t, kí ẹ sì rántí pé ìpíndọ́gba ìsọdipúpọ̀ ni ẹ ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ nígbà náà.

Ó yẹ kí a sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa àṣà tó gbòde kan: kí a kọ́kọ́ ṣe ìdánwò Shapiro-Wilk, kí a lo ìdánwò-t bí p rẹ̀ bá ju 0.05 lọ, kí a sì sá bí kò bá jù ú. Òdìkejì ohun tí a nílò ni ìdánwò náà máa ń ṣe. Nígbà tí òǹkà bá kéré, tí ìtẹ̀ bí ọrun lè ṣe wá ní ibi, kò ní agbára tó láti rí i. Nígbà tí òǹkà bá tó ẹgbẹ̀rún méjì, tí ìdánwò-t kò ní wàhálà kankan, yóò máa pariwo nítorí ìyapa bíńtín tí kò pa ẹnikẹ́ni lára. Gíráàfù kì í dá ẹjọ́ fún wa, àmọ́ ó ń fi hàn wá ibi tí ìyapa wà àti irú ìyapa tó jẹ́.

Ìyá àgbà

A dá akẹ́kọ̀ọ́ náà lóhùn pé kó má yọ ẹnikẹ́ni títí yóò fi padà sídìí ohùn tó gbà sílẹ̀. Òǹkà tó yapa lè jẹ́ àṣìṣe ìkọ̀wé, bí ẹni kọ 46 dípò 4.6, tàbí kó jẹ́ pé ibi tí kò yẹ ló fi ààlà fáwẹ̀lì sí. Bí àṣìṣe bá wà, títún un ṣe ló kàn. Bí kò bá sí, òǹkà náà jẹ́ ti ìwádìí, kò sì sí gíráàfù tó ní àṣẹ láti lé e jáde.

Ó padà lọ gbọ́ ọ. Ìwọ̀n rẹ̀ tọ́. Ìyá àgbà náà ń fa fáwẹ̀lì yẹn gùn ní gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀, ju bí àwọn ọ̀dọ́ mẹ́sàn-án yòókù ṣe ń fà á lọ. Òun nìkan ló ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún nínú wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ náà ṣe ìdánwò-t pẹ̀lú òun àti láìsí òun, ó tún ka àmì àròpọ̀ àti ìyọkúrò gẹ́gẹ́ bí a ṣe kà á lókè yìí, ó sì kọ èsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú iṣẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú gíráàfù náà lódindi, ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sì wà lórí rẹ̀. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ó padà lọ sí àdúgbò ìyá náà láti wá àwọn àgbàlagbà mìíràn tí yóò gba ohùn wọn.